Ògbufọ̀ àti ọmọ tó ní gìrì

Olóòtú,

Bí ìyá bá gbé ọmọ tó ní gìrì dé ilé ìwòsàn n'Ìbàdàn, tó ní òtútù ló fà á, kí ògbufọ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún dókítà tí kò gbọ́ Yorùbá. Tí dókítà bá béèrè nípa àgbo, kí ògbufọ̀ bi ìyá láìsí ìbáwí: "Màmá, kí lẹ fún un, ṣíbí mélòó, nígbà wo?" Ìyá tí wọ́n bá bú yóò sẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni àgbo ìtọ̀ màálù lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ já wálẹ̀, kí gìrì tún dé. Bí àyẹ̀wò bá wá fi ibà hàn, kí ògbufọ̀ ní: "Dókítà ní ibà ló mú ara ọmọ gbóná tí gìrì fi dé." Kó má fi "òtútù kọ́" kún un tí dókítà ò bá sọ bẹ́ẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn