Lẹ́tà sí àbúrò mi, kó tó fọwọ́ síwèé iṣẹ́ àkọ́kọ́

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ka ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù. Jọ̀ọ́, má tíì fọwọ́ sí i.

₦120,000 lóṣù ni wọ́n kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe iye yẹn ló máa wọ àkáǹtì rẹ. Ìwé náà sọ pé wọ́n á máa yọ owó ìfẹ̀yìntì. Ìdá 8 nínú 100 gbogbo owó náà jẹ́ ₦9,600. Owó-orí tún wà. Lábẹ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2026, wọn kì í gba owó-orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó ìfẹ̀yìntì, ìdá 15 nínú 100 ni wọ́n ń gbà lórí èyí tó bá lé ní tìrẹ, ìyẹn nǹkan bíi ₦6,560 lóṣù. ₦103,840 ló kù yẹn.

Ibẹ̀ ni èmi ti ṣìnà nígbà tèmi. Ọ̀rẹ́ mi sọ iye tó ń wọ ọwọ́ rẹ̀ fún mi, mo fi wé àpapọ̀ owó tí wọ́n fi lọ̀ mí, mo rò pé tèmi ló pọ̀ jù. Ọdún méjì gbáko ni mo fi gba owó tó kéré sí ti ẹni tá a jọ wọṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ó ṣì ń dùn mí.

Mo ti bi èèyàn mẹ́rin tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Òṣogbo níbí, torí owó Èkó kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Mi ò bi wọ́n pé èló ni wọ́n ń gbà. Ohun tí mo bi wọ́n ni pé, "Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀, láti èló sí èló ló yẹ kí wọ́n máa san fún un?" Ẹnu wọn yá. Ọ̀kan ní 110,000, èkejì 135,000, ẹ̀kẹta 150,000, ẹ̀kẹrin 220,000. Mo yọ ẹni tó sọ 220,000 kúrò, torí ó ti pé ọdún mẹ́fà ní báǹkì. Mo tún padà bi ẹni àkọ́kọ́, ó ní lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ gbogbo ohun tí wọ́n ń yọ ni. Àpapọ̀ rẹ̀ ń lọ sí bíi 128,000. Àárín 128,000 sí 150,000 ló yẹ kí tìrẹ wà.

Tí o bá débẹ̀, sọ pé: "Ẹ ṣé gan-an, mà, iṣẹ́ yìí wù mí. Mo ṣe ìwádìí nípa irú iṣẹ́ yìí ní Òṣogbo, mo sì ti tọ́jú ìwé owó fún ọdún kan níbi tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀. Ṣé ẹ lè jẹ́ ká fi sí ₦150,000?" Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Má sọ̀rọ̀ owó ilé, má mẹ́nu ba oògùn Màámi. Iye tí iṣẹ́ náà tọ́ sí lẹ̀ ń sọ.

Bí wọ́n bá ní 130,000 ni agbára àwọn mọ, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn á tún owó náà wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fi náírà kan lé 120,000, má dá wọn lóhùn níbẹ̀. Ní kí wọ́n fún ọ lọ́jọ́ méjì.

Wá sílé ní alẹ́ ọ̀la, ká jọ fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò. Èmi ni màá ṣe ọ̀gá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ