Lẹ́tà sí Bísọ́lá lórí fídà òru

Súrùlérè, Èkó.

Bísọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

O kú ewu ọmọ o. Inú mi dùn pé ẹ ń bọ̀ wá ṣe Kérésìmesì. O ní omi ẹ̀rọ lásán lo fi ń po mílíìkì ọmọ lọ́hùn-ún. Jọ̀ọ́, má dán an wò níbí. Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Nígbà tí Tóbi wà lóṣù méjì, mo po fídà méjì ní aago 11 alẹ́. Ó mu ọ̀kan, mo gbé èkejì sínú fíríìjì. Kò pẹ́ ni wọ́n mú iná lọ. Nígbà tó ké ní aago 4 ìdájí, fídà náà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú fíríìjì. Mo tọ́ ọ wò, kò kan, mo bá fún un mu. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ń bì, ó sì ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ọjọ́ mẹ́ta la lò ní ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú wa ló là mí lójú pé mílíìkì lè kún fún kòkòrò àrùn kó má kan rárá. Ó ní ìyẹ̀fun inú agolo gan-an lè ní kòkòrò nínú, bí agolo tiẹ̀ jẹ́ tuntun. Tẹ́lẹ̀, èmi a máa se omi, màá jẹ́ kó tutù pátá kí n tó pò ó. Omi yẹn mọ́ lóòótọ́, àmọ́ kò lè pa ohun tó wà nínú ìyẹ̀fun. Omi tí gbígbóná rẹ̀ kò dín sí ìwọ̀n 70 lórí sẹ́ńtígíréèdì ló ń pa á.

Nítorí náà, mo máa ń se omi lítà kan títí yóò fi hó dáadáa, ìbáà jẹ́ píọ́ wọ́tà. N kì í jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú 30 lọ kí n tó lò ó. Omi ló ń kọ́kọ́ wọ fídà, mílílítà 90, kí n tó bu ṣíbí mẹ́ta sí i, torí agolo tèmi ní ṣíbí kan fún 30. Ka ara agolo tìrẹ, wọn kì í bára mu. Fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ mímọ́ gé orí ṣíbí kó tẹ́jú, má kì í mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí mo bá mì í, màá gbé e sínú abọ́ omi tútù tí kò dé ọrùn fídà, títí tí kò fi ní jóni bí mo bá kán an sí ọrùn ọwọ́.

Kí o tó se fídà, fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí o yí ọmú rẹ̀ sódì, ibẹ̀ ni ọ̀rá ń sá pamọ́ sí. Nínú ìkòkò, omi gbọ́dọ̀ bò ó pátá, kí atẹ́gùn má ṣẹ́ kù nínú rẹ̀.

Èyí tí ọmọ bá mu kù, dà á nù. Ó máa ń dùn mí torí owó agolo, àmọ́ itọ́ ẹnu rẹ̀ ti wọ inú rẹ̀. Èyí tí kò fẹnu kàn, wákàtí méjì péré. Fíríìjì tó tutù dáadáa lè gbé e dé wákàtí 24, ṣùgbọ́n pẹ̀lú iná tiwa yìí, n kò fọkàn tán an mọ́.

Ní òru, omi híhó ló ń wọ fúláàsìkì mi, ìyẹ̀fun tí mo ti wọ̀n wà nínú ike gbígbẹ tó mọ́. Ìgbà tó bá ké ni mo ń pò ó. Alẹ́ ni kí o máa rọ omi náà, torí èyí tí a rọ láàárọ̀ kò ní gbóná tó mọ́. Mo ti ra fúláàsìkì kan dè ọ́.

Èmi ni tìrẹ,
Fúnmi