Ọ̀nà Jọ́ọ̀sì, àti ibi tí ẹ ó ti dúró

Kárú, Àbújá

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn gan-an pé màmá máa bá yín wá. Ẹ kú ìmúra. O ní ọkọ rẹ ti wo máàpù orí fóònù, ó rí i pé nǹkan bí wákàtí márùn-ún ni mọ́tò máa fi dé Jọ́ọ̀sì láti ọ̀dọ̀ wa, ó wá ní kí ẹ sáré lọ, kí ẹ sùn, kí ẹ sì sáré padà lọ́jọ́ kejì. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ ẹ́. Máàpù yẹn kò purọ́, àmọ́ ọ̀nà ni ìdajì ohun tí ẹ fẹ́ wá wò wà.

Ohun tí mo rò ni pé kí ẹ fi odidi ọjọ́ kan lọ, kí ẹ sun oorun méjì ní Jọ́ọ̀sì, kí ẹ sì fi ibi tí ìran ti dára jù lọ pamọ́ di àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń padà bọ̀. Nítorí oòrùn ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Orí òkè pẹrẹsẹ ni Jọ́ọ̀sì wà, ó fi nǹkan bí 1,200 mítà ga ju òkun lọ. Àbújá níbí kò tó ìdajì ìyẹn. Níbi tí ọ̀nà ti ń gun òkè náà, ní agbègbè Hawan Kíbò, ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni etí òkè kọjú sí. Ẹni tó bá débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tó yíjú wo ẹ̀yìn, oòrùn ló máa wọ̀ ọ́ lójú, gbogbo ilẹ̀ ìsàlẹ̀ á sì funfun báláú. Ṣùgbọ́n ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ̀yìn rẹ ni oòrùn wà: wàá rí oko, wàá rí igi, wàá máa ka àwọn òkè kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá sì ń sọ̀kalẹ̀, iwájú yín ni ìran náà wà. Màmá kò ní láti yí ọrùn.

Èyí ló jẹ́ kí n fẹ́ kí ẹ wá ní ìparí oṣù kẹwàá dípò Kérésìmesì, níwọ̀n ìgbà tí o ní ẹ kò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kejìlá, ọyẹ́ ti gbé eruku dé láti aṣálẹ̀, ẹ lè dúró ní etí òkè kí ẹ má rí ju kùrukùru lọ. Omi tó ń já lórí àpáta lọ́nà náà á ti fà. Ní ìparí oṣù kẹwàá, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀, omi ṣì ń hó, ojú ọ̀run sì mọ́. Òjò ọ̀sán lè ṣì rọ̀ ní ìsàlẹ̀, lọ́nà Akwáńgà, ìyẹn náà sì wà lára ìdí tí kò fi yẹ kí ẹ pẹ́ jáde.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọjọ́ ìlọ. Ọjọ́ Sátidé ni kó jẹ́, kí ẹ jáde nílé mi ní aago méje. Láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn tó ń ti Màràrábá àti Nyányà wọ Àbújá lọ síbi iṣẹ́ máa ń kún ojú ọ̀nà ní àárọ̀. Òdìkejì ni tiyín, síbẹ̀ àwọn awakọ̀ aláìnísùúrù máa ń gba ọ̀nà ọlọ́nà. Lẹ́yìn Kẹ́fì, ọ̀nà fẹ̀ dé Akwáńgà, kò sì sí ìdí kankan láti dúró ṣáájú ibẹ̀. Ní Akwáńgà, ẹ jẹun, ẹ ra epo, kí màmá na ẹsẹ̀. Nǹkan bí wákàtí méjì ni ẹ máa ti wà lórí ìjókòó, orúnkún wọn kò sì ní fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti máa ń dín, tírélà pọ̀, ẹ má bá wọn du ọ̀nà.

Omi Ásọ́ọ̀pù ni ibi ìsinmi yín gan-an. Bí ẹ kò bá kánjú, ẹ máa débẹ̀ ní bí aago méjìlá. O rántí Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, bí a ṣe ń gun àtẹ̀gùn títí èémí fi fẹ́ tán? Ti Ásọ́ọ̀pù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ títì ló wà, ìrìn díẹ̀ ni, omi náà sì ń já lórí àpáta ní ìpele ìpele láàárín igi. Àpáta tó tutù ń yọ̀, nítorí náà kí màmá jókòó lókè lábẹ́ ibòji, kí ẹ̀yin sọ̀kalẹ̀. Ọ̀sán gangan dára fún un, torí ibòji wà nígbà tí ìta ń jó. Ẹ tẹ́ ẹní, ẹ jẹun, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo aago fún wákàtí kan ààbọ̀.

Bí ẹ bá ti ń gun òkè, kí ọkọ rẹ fojú sí abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná. Tó bá ti kọjá àárín, kó pa ẹ̀rọ amúlétutù. Tí abẹ́rẹ́ náà bá ṣì ń gòkè, kó wá ibi tó tẹ́jú dúró, kó má sì fọwọ́ kan ìdérí rẹdíétọ̀ títí yóò fi tutù. Lẹ́yìn náà, ní bí aago mẹ́ta ààbọ̀, ẹ máa rí àpáta Rìyọ́ọ̀mù, tí wọ́n tò jọ lórí ara wọn bíi pé ọwọ́ ló tò wọ́n. Ó kù nǹkan bí 25 kìlómítà sí Jọ́ọ̀sì níbẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń fún àpáta náà ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó. Ilẹ̀ máa ń ṣú ní bí aago mẹ́fà lásìkò yẹn, ẹ ti gbọ́dọ̀ wà ní ilé ìtura.

Ọjọ́ kejì, ẹ mú màmá lọ sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Jọ́ọ̀sì, tí wọ́n ṣí ní 1952. Àwọn orí amọ̀ Nọ́ọ̀kù wà níbẹ̀, àti àwòkọ́ odi ìlú Kánò tí èèyàn lè rìn yíká. Ẹ ra ọ̀dùnkún Jọ́ọ̀sì, ẹ jẹ ọkà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní áchà. Ẹ kó aṣọ òtútù, alẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe eré.

Ọjọ́ kẹta, ẹ kúrò ní aago méje. Níbi tí ẹ bá ti fẹ́ dúró wo ìsàlẹ̀, ẹ yan ibi tí mọ́tò ti lè kúrò pátápátá lórí ọ̀dà, tí àwọn tó ń bọ̀ lè rí yín láti ọ̀nà jíjìn, tí àwọn tó ń tajà sì wà. Bó ti wù kí ìran dára tó, ẹ má dúró sí kọ́nà. Nígbà ìsọ̀kalẹ̀, kó fa jíà sí “2” tàbí “L”, kó má fi bíréèkì nìkan dá a dúró. Bí òórùn jíjó bá jáde láti ẹsẹ̀ mọ́tò, bíréèkì ti gbóná jù, ẹ dúró kó tutù.

Mi ò ní fi èyí pamọ́ fún ọ: ìkọlù ti wáyé ní agbègbè Rìyọ́ọ̀mù àti Bàákín Ládì láàárín ọdún mélòó kan. Ìdí nìyí tí mi ò fi omi tó ń já ní Kúrà àti Fárin Rúwà sí i, torí ẹ máa ní láti yà kúrò lójú títì ńlá. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìrìnàjò, èmi fúnra mi á lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ Jọ́ọ̀sì ní ibùdókọ̀. Bí wọ́n bá ní ọ̀nà kò dára, ẹ ò ní lọ, màá se ẹ̀fọ́ rírò, a ó sì máa ṣeré nílé.

Kọ̀wé sí mi kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bá mi kí màmá, kí o sì béèrè bóyá ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn ṣì lágbára tàbí kí n ra òmíràn sílẹ̀ níbí.

Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àṣàkẹ́