Pákó tẹ́ ẹ gé adìẹ lé, ẹ má gé kábéèjì lé e

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ sàláàdì òde àríyá ni mo bá wá, torí tí inú bá ti ń run àwọn àlejò lẹ́yìn pátì, máyónéèsì la sábà máa ń dá lẹ́bi, a kì í bèèrè pákó ìgéran rárá.

Ẹ wò ó bó ṣe ń lọ. Alásè á gbé adìẹ tí yìnyín ara ẹ̀ ti yọ́ sórí pákó, á gé e, omi ẹlẹ́jẹ̀ á máa ṣàn, á wá fi àkísà nu pákó yẹn fìrì, ó tún di kábéèjì, kárọ́ọ̀tì àti kùkúmbà, ọ̀bẹ kan náà ni o. Kòkòrò sàlìmọ́nẹ́là àti kàǹpilobákítà sì sábà máa ń wà lára adìẹ tútù. Adìẹ ní tiẹ̀ ń lọ sínú ìkòkò, tó bá ti jinná dénú, iná ti pa wọ́n. Kábéèjì ńkọ́? Kò ní rí iná títí táá fi dé ẹnu àlejò, wọ́n á tún gbé e kalẹ̀ nínú ooru láti àárọ̀ dọ̀sán, sàlìmọ́nẹ́là á sì máa pọ̀ sí i.

Ẹlòmíì á ní òun ti fi omi iyọ̀ ṣan ẹ̀fọ́ òun. Iyọ̀ yẹn ò ṣeé gbọ́kàn lé, àtipé kẹ́ ẹ tó gé e lẹ ṣàn án, orí pákó ló ti wá kó ìdọ̀tí. Ohun tí kì í jẹ́ ká fura ni pé àìsàn ọ̀hún kì í yára dé, sàlìmọ́nẹ́là lè gbà tó wákàtí 6 sí ọjọ́ 3, kàǹpilobákítà sábà máa ń gba ọjọ́ 2 sí 5, ẹni tó jẹun ní Sátidé lè bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru ní Túsìdeè, àmàlà Mọ́ńdè ló máa dá lẹ́bi.

Èyí tí ò náni ní kọ́bọ̀ ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gé ẹ̀fọ́, kẹ́ ẹ kó o sínú abọ́ tó ní ọmọrí, kí adìẹ tó débẹ̀ rárá. Ẹni tówó ẹ̀ bá ká a, kó ra pákó méjì tí àwọ̀ wọn ò jọra, pupa fún ẹran tútù, gíríìnì fún sàláàdì.

Tí adìẹ bá ti kan pákó ńkọ́? Ọṣẹ, omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì lẹ máa kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́, torí háípò ò ríṣẹ́ ṣe dáadáa lórí ọ̀rá àti ẹ̀jẹ̀. Ẹ wá po ṣíbí ńlá 1 háípò mọ́ omi líítà 4, ẹ dà á sí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ ṣàn án, ẹ nà án ró kó gbẹ fúnra ẹ̀. Ẹ fọ ọ̀bẹ àti ọwọ́ náà, kẹ́ ẹ sì gbé àkísà yẹn jùnù jàre.

Pákó onígi tí ojú ọ̀bẹ ti jìn débi pé èékánná ń há sí i, búrọ́ọ̀ṣì ò lè dénú ẹ̀ mọ́. Ẹ fi dáná adìẹ yẹn.

Èmi òǹkàwé yín,
Ìbàdàn