Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi lórí ohun tí ó fẹ́ gbé sójú Fesibúùkù

Mọ́lípà,
Ìjẹ̀bú-Òde.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú oríire ìdánwò ìwakọ̀ tí o yege ní Ìlú Ọba. Gbogbo ilé ni ó bá mi yọ̀ nígbà tí mo sọ fún wọn. O ní kí n ka ohun tí o fẹ́ gbé sójú Fesibúùkù, kí n sì sọ tinú mi fún ọ láìfi bò, nítorí pé àbúrò rẹ sọ pé ìwàásù ni. Òótọ́ ni àbúrò rẹ sọ, ṣùgbọ́n n kò rò pé ó sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, ìdí náà ni mo sì fẹ́ kí a jọ wò. Bí o ṣe kọ ọ́ nìyí:

“Ẹ̀yin ènìyàn mi, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kò ṣeé ṣe! Ìkùnà kì í ṣe òpin, ìbẹ̀rẹ̀ ni. Mo ṣubú, mo sì dìde. Gba ara rẹ gbọ́, má jáwọ́, ògo rẹ ń bọ̀. Bí èmi bá lè ṣe é, ìwọ náà lè ṣe é. Ta ni ó gbà pẹ̀lú mi? Kọ ‘Àmín’.”

Mo kà á tán, n kò rí ọkọ̀ níbẹ̀, n kò rí ojú pópó, n kò sì rí ìdánwò. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira iṣẹ́ aṣọ rírán lè fi orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó wọlé ìbò káńsẹ́lọ̀ lè fi orúkọ tirẹ̀ sí i, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ ni wọ́n gbé. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe nìyẹn nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wa bá fi ọ̀rọ̀ ìyànjú ránṣẹ́ sí mi fún ojú ewé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa: mo máa ń mú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, mo máa ń fi orúkọ ẹlòmíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí i, bí gbólóhùn náà kò bá kọ̀ ọ́, mo máa ń fà á jáde. Nínú tìrẹ, kò sí èyí tí ó kọ̀. “Mo ṣubú, mo sì dìde” ni ó súnmọ́ òótọ́ jù, síbẹ̀ kò sọ ibi tí o ṣubú sí.

Wàyí o, rántí ọ̀rọ̀ tí o fi ohùn rẹ ránṣẹ́ sí mi lórí Wáàsáàpù lálẹ́ ọjọ́ tí o kùnà ní ìgbà kejì. Mo tún un gbọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. O ní àṣìṣe kékeré mẹ́rin péré ni olùdánwò kọ sílẹ̀ fún ọ, bẹ́ẹ̀ ènìyàn lè ní tó 15 kí ó sì yege. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ńlá kan ṣoṣo ni ó da gbogbo rẹ̀ rú, nítorí pé ẹyọ kan irú rẹ̀ ti tó láti dá ènìyàn padà. O fẹ́ jáde kúrò ní ráńdábáòtù, o wo dígí, o sì yà, láìmọ̀ pé ọkọ̀ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ ní òsì. O wo dígí lóòótọ́, ṣùgbọ́n dígí ọ̀tún ni o wò. Ohun kan náà gan-an ni ó dá ọ padà ní ìgbà àkọ́kọ́. O ní o sunkún nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni o bú sẹ́rìn-ín, o ní, “Ojú mi ṣì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde.”

Ọ̀rọ̀ nìyẹn! Láti April 2, 1972 ni a ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni a ń yà sí bí a bá ń jáde ní ráńdábáòtù, dígí ọ̀tún ni ojú sì máa ń lọ. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà lọ́dọ̀ yín, òsì ni ẹ ń yà sí, dígí òsì ni ó sì yẹ kí ojú lọ. Kì í ṣe pé o kò mọ ọkọ̀ wà. Mímọ̀ tí o mọ̀ ọ́n wà tẹ́lẹ̀ ni ó kó bá ọ. Ọmọ ogún ọdún tí kò wa ọkọ̀ rí lè má ní ìṣòro yìí rárá, èyí sì ni ohun tí ẹni tí ó ti ń wakọ̀ nílé kí ó tó rìnrìn àjò yóò fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ. Gbogbo ohun tí “ìkùnà kì í ṣe òpin” ń gbìyànjú láti sọ ti wà nínú ìtàn náà, òǹkàwé yóò sì rí i fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé o na ìka sí i.

Ní ti “má jáwọ́” pàápàá, mo bi ara mi pé kí ni o ṣe tí o kò fi jáwọ́. O sọ ọ́ fún mi. Olùkọ́ ìwakọ̀ rẹ ní kí o máa pe “dígí òsì” sókè ketekete kí o tó yà ní ráńdábáòtù kọ̀ọ̀kan, kí o má sì tijú ẹni tí ó bá jókòó tì ọ́. O ń pè é títí tí ọmọ rẹ tí ó jókòó lẹ́yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ pè é. Àṣẹ tí kò ní ọwọ́ tí kò ní ẹsẹ̀ ni “má jáwọ́”. “Pe dígí òsì sókè” jẹ́ ohun tí ènìyàn lè dìde lọ ṣe ní àárọ̀ ọ̀la. Ìmọ̀ràn kò burú nínú irú àkọsílẹ̀ báyìí, ẹyọ kan ni kí ó jẹ́, kí ó sì jẹ́ èyí tí ìwọ fúnra rẹ ṣe.

“Bí èmi bá lè ṣe é, ìwọ náà lè ṣe é” ni mo fẹ́ bá ọ jà lé lórí díẹ̀, nítorí pé òun nìkan ni mo rò pé ó lè dun ẹlòmíràn. Ọkọ rẹ ni ó ń jókòó tì ọ́ nínú ọkọ̀ rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́. Òfin ibẹ̀ sì ni pé ẹni tí yóò bá akẹ́kọ̀ọ́ jókòó gbọ́dọ̀ ti ju ọmọ ọdún 21 lọ, kí ó sì ti ní ìwé ìwakọ̀ tó kún fún ọdún 3 ó kéré tán. Ẹni tí kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé, owó ni yóò máa san fún olùkọ́ ní gbogbo wákàtí tí ó bá fi kọ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ka gbólóhùn rẹ, ohun tí yóò gbọ́ ni pé òun ni ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ pé ọkọ rẹ yá ọ ní ọkọ̀ àti àkókò rẹ̀, yóò mọ ohun tí ó yẹ kí òun wá. Sísọ ohun tí ó ràn ọ́ lọ́wọ́ kò bu àṣeyọrí rẹ kù rárá.

Ohun kékeré méjì tún wà. O bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ẹ̀yin”, o sì bọ́ sórí “ìwọ” kíá, bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá wa ní ọjà Òkè-Ajé tí ọmọ wọn ti ra fóònù fún wà lára àwọn tí yóò kà á. Ta ni yóò dúró níwájú wọn ní gbangba kí ó ní “gba ara rẹ gbọ́”? Bí o bá ń sọ ìtàn ara rẹ, “mo” ni yóò pọ̀ jù, ìṣòro náà yóò sì dínkù fúnra rẹ̀. Èkejì ni “kọ Àmín”. Láti oṣù December 2017 ni Fesibúùkù ti kéde pé àwọn yóò máa rẹ àkọsílẹ̀ tí ó bá ń tọrọ èsì tàbí pínpín lọ́nà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí ó má baà dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mo mọ̀ pé o fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò sì sí ẹni tí yóò ní kí o má dúpẹ́. Jẹ́ kí ọpẹ́ rẹ jẹ́ ọpẹ́, má fi ṣe ìpè.

Bí èmi bá ni mo kọ ọ́, mo lè kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìdánwò ìwakọ̀ dá mi padà ní Ìlú Ọba nítorí pé mo wo dígí tí kò yẹ kí n wò. Mo ti wakọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó wá, ọwọ́ ọ̀tún sì ti mọ́ mi lára. Níbí, òsì ni a ń yà sí bí a bá ń jáde ní ráńdábáòtù, ṣùgbọ́n dígí ọ̀tún ni ojú mi ń sáré lọ. Mo sunkún nínú ọkọ̀ ní ìgbà kejì. Olùkọ́ mi ní kí n máa pe ‘dígí òsì’ sókè kí n tó yà, ọkọ mi sì fara da ariwo náà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí ó fi jókòó tì mí. Mo yege ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ nílé tí ẹ sì ń bọ̀ wá gbé níbí, oṣù 12 péré ni ẹ lè fi ìwé ìwakọ̀ ilé wakọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.”

Dígí ni mo fi ṣáájú, nítorí pé bí àkọsílẹ̀ bá gùn, Fesibúùkù yóò ká ìyókù pamọ́ sẹ́yìn “See more”, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sì rí. Mo fi ẹkún sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ète. Ẹni tí ó bá ń sá fún ìwàásù lè gé ọ̀rọ̀ títí yóò fi gbẹ bí ìwé ìkìlọ̀ ìjọba, èyí náà kò dára. Ìmọ̀lára ọkàn kan tó, bí ó bá ti ní ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. N kò fi òwe kankan sí i, kì í ṣe nítorí pé òwe burú, ṣùgbọ́n nítorí pé èyí tí ó wá sí mi lọ́kàn, ìtàn náà ti sọ ọ́ tán kí n tó dé ibẹ̀. Ohùn tèmi ni ó wà nínú rẹ̀, nítorí náà yí i padà sí tìrẹ. Ìwọ kì í pe nǹkan ní “fara da”, “ṣe sùúrù pẹ̀lú wèrè mi” ni ìwọ ìbá wí, ó sì dára jù tèmi lọ.

Ní ti àwòrán tí o fẹ́ lò, má gbé ìwé ẹ̀rí ìyege náà sójú ayé bí ó ṣe wà. Nọ́ńbà ìwé ìwakọ̀ rẹ wà lára rẹ̀, àwọn oníjìbìtì sì mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ya ráńdábáòtù ọ̀hún, tàbí kí o ya dígí òsì ọkọ̀ náà. Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi kí ọmọ tí ó ń pe dígí lẹ́yìn.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré.