Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa: Ìdí tí Òwú Léèsì fi ń Fà Yọ, àti Bí A Ṣe Ń Fọ̀ Ọ́

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Nínú gbogbo ohun tí ẹ ń mú wá fi hàn wá, kò sí èyí tí a ń rí tó èyí: ẹ fọ aṣọ léèsì, ẹ sá a, ìgbà tí ẹ sì máa wò ó, òwú kan ti yọ sókè lójú iṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ sì ti hunjọ. Ọ̀pọ̀ yín ló ń rò pé ọṣẹ ló bà á jẹ́, tàbí pé aṣọ náà kò dára láti ìbẹ̀rẹ̀. A fẹ́ fi ìwé yìí ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí òwú náà gan-an, nítorí ẹni tó bá mọ bí ó ṣe ń fà yọ yóò mọ bí a ṣe lè fọ̀ ọ́ tí kò fi ní fà yọ, yóò sì mọ ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe bí ó bá ti fà yọ tán.

Léèsì tí a ń sọ níhìn-ín ni èyí tí ẹ̀rọ fi òwú kó iṣẹ́ sí lára aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bíi nẹ́ẹ̀tì. Ísáàkì Gróbìlì, ará ilẹ̀ Siwisalandi, ló ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1863. Ṣífílì ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni ọkọ̀ ojú omi kékeré ní èdè Jámánì tí wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún, nítorí pé ohun kékeré kan tó rí bí ọkọ̀ ló ń gbé òwú ìsàlẹ̀ kọjá lẹ́yìn aṣọ. Òwú méjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀: abẹ́rẹ́ ń gún òwú òkè wọ inú aṣọ, òwú ìsàlẹ̀ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá láti dè é mọ́ ibẹ̀. Ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún nìkan ni wọ́n ti so ara wọn. Láàárín ojú kan sí èkejì, òwú òkè kàn sùn lé aṣọ lórí ni, kò sí ohun tó dì í mú.

Gígùn ibi tí òwú sùn sí yìí ló ń pinnu bí yóò ṣe tètè fà yọ sí. Bí ó bá jẹ́ mìlímítà 2 péré, ó ṣòro kí nǹkan tó wọ abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá tó mìlímítà 7, bí ó ti sábà máa ń rí láàárín ewé ńlá tàbí òdòdó tó ń dán, etí òrùka, èékánná tó ya, tàbí eyín síìpù ti tó láti kọ́ ọ. Bí ẹ bá rọra fi ẹ̀yìn ìka pa ojú aṣọ náà, ibi tó bá ń dán tó sì ń yọ̀ jù ni ibi tí òwú ti gùn jù, ibẹ̀ sì ni kí ẹ máa ṣọ́.

Dídán náà fúnra rẹ̀ ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Òwú tí wọ́n fi ń kó iṣẹ́ tó ń dán jẹ́ fọ́nrán gígùn tí kò ní irun lára, tí a fi réyọ́ọ̀nù tàbí pólíẹ́stà ṣe. Nítorí pé ó ń yọ̀, bí nǹkan bá kọ́ ọ, kì í tètè já. Ńṣe ló ń fa òwú láti inú ojú tó wà ní ọ̀tún àti ní òsì, wọ́n á sì máa tẹ̀ lé e bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí òwú kan fi ń yọ sókè, tí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń fún pinpin, tí ewé tó tẹ́ rẹrẹ tẹ́lẹ̀ fi ń ká jọ. A bẹ̀ yín, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn ju gbogbo èyí tó kù lọ: òwú tó yọ sókè yẹn kì í ṣe àlékún. Òwú tí àwọn ojú tó kù ń béèrè ni, ó kàn kúrò ní àyè rẹ̀ ni.

Ti kọ́ọ̀dù léèsì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí aṣọ tó lè yọ́ ni wọ́n ti kó iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á wá yọ́ aṣọ náà dànù, kò ní ku ohun mìíràn ju òwú lọ. Òwú ló di òwú mú níbẹ̀, nítorí náà ibi tí wọ́n bá gé kò ní aṣọ kankan lẹ́yìn tí yóò gbà á dúró.

Omi fúnra rẹ̀ kì í fa òwú yọ, ṣùgbọ́n ó máa ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Bí òwú réyọ́ọ̀nù bá ti gbomi, agbára rẹ̀ ń dín kù púpọ̀, ó lè pàdánù tó ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ títí yóò fi gbẹ. Aṣọ tó gbomi sì wúwo. Ìgbà tí òwú náà ò lágbára rárá gan-an ni a máa ń ra á, tí a ń lọ́ ọ, tí a sì ń fi ọwọ́ kan gbé gbogbo rẹ̀ sókè kúrò nínú omi.

Ní ìjelòó, oníbàárà wa kan gbé ẹ̀wù gígùn kan wá, nẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n kó ewé sí lára. Ó ti fọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ pẹ̀lú ṣòkòtò kan tí síìpù rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ewé méjì ló fà yọ ní apá òsì. Ó ti fi sísọ́ọ̀sì gé òwú tó yọ lára èkíní kí ó lè rí mímọ́, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan èkejì.

Èyí tí kò fọwọ́ kan ni a kọ́kọ́ bójú tó. Òwú tó yọ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3. A tẹ́ ẹ̀wù náà ní gbígbẹ lórí tábìlì, a fi aṣọ dúdú sábẹ́ rẹ̀ kí ojú kọ̀ọ̀kan lè hàn, a sì mú abẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ kò mú. A kò fa òwú tó yọ náà rárá. Ojú tó sún mọ́ ọn jù, tó ti fún pinpin, ni a fi orí abẹ́rẹ́ gbé sókè díẹ̀, kí ó gba òwú rẹ̀ padà, a tún lọ sí èyí tó tẹ̀ lé e, ojú 10 sí apá ọ̀tún, ojú 10 sí apá òsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bíi mìlímítà kan àti ààbọ̀, bí òwú sẹ̀ǹtímítà 3 náà ṣe padà sílé tán nìyẹn. Iṣẹ́ náà gbà tó wákàtí kan, nígbà tí a sì parí, ẹni tó ni ẹ̀wù kò mọ ibi tó ti fà yọ mọ́.

Ti ewé tí wọ́n gé kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí òwú tí àwọn ojú náà lè gbà padà mọ́, ẹnu òwú méjèèjì sì ti ń tú lọ; ojú mẹ́jọ ti dà kí a tó rí i. A fa ẹnu méjèèjì sí ẹ̀yìn aṣọ, a so wọ́n, a sì fi ọwọ́ rán òwú tó jọ ọ́ sórí àyè tó ṣófo. Ó dúró dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sún mọ́ ọn yóò rí i. Ó dùn wá, nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì ló fa gbogbo rẹ̀.

Nípa ti fífọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo àmì tó wà nínú aṣọ. Bí àwòrán abọ́ omi bá ní ìlà méjì tó gba ara wọn kọjá lórí, ẹ má ṣe fọ̀ ọ́ nílé. Bí ọwọ́ bá wà nínú abọ́ náà, ẹ lè fi ọwọ́ fọ̀ ọ́. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́, ẹ fa síìpù rẹ̀ pa, ẹ kọ́ gbogbo ìkọ́ rẹ̀, kí ẹ sì yí inú aṣọ síta. Bí ó bá ní àwọ̀, ẹ fi aṣọ funfun tó tutù tẹ ibi tó pamọ́ lára rẹ̀. Bí àwọ̀ bá ràn án, a fẹ́ kí ẹ gbé e wá dípò kí ẹ tì í bọ omi.

Omi tí kò gbóná ju ìwọ̀n 30 lọ ló dára, ìyẹn omi tí ọwọ́ kò mọ̀ pé ó lọ́wọ́ọ́wọ́ rárá. Ẹ bu ọṣẹ olómi tí kò le, ṣíbí kékeré méjì sínú omi lítà 10, ẹ pò ó dáadáa kí aṣọ tó wọ inú rẹ̀. Ẹ má ṣe lo bílíìṣì. Bí òwú tàbí aṣọ rẹ̀ bá jẹ́ sílíìkì, ẹ yẹra fún ọṣẹ tí wọ́n fi èròjà tó ń jẹ àbàwọ́n oúnjẹ sí, nítorí irú èròjà bẹ́ẹ̀ lè jẹ sílíìkì pẹ̀lú. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ aṣọ náà sísàlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó gòkè fúnra rẹ̀, fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Omi tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń fọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì kan àbàwọ́n. Ọṣẹ díẹ̀ àti orí ìka tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn ti tó.

Bí ẹ bá ti ṣàn án títí omi fi mọ́, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e láti ìsàlẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí táwẹ́lì funfun, ẹ ká táwẹ́lì náà pọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ kí omi lè wọ inú táwẹ́lì. Ẹ má ṣe lọ́ ọ. Ẹ wá tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja níbi tí afẹ́fẹ́ wà tí oòrùn kò sí. Bí ẹ bá fi kọ́ nígbà tó ṣì wúwo fún omi, nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yóò fà gùn.

Àwa kì í fẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ fún un. Bí ẹ̀rọ bá di dandan, tí àmì aṣọ sì gbà á láàyè, kí aṣọ kan wà nínú àpò nẹ́ẹ̀tì kan tí a fa síìpù rẹ̀ pa, kí ẹ yan ọ̀nà ìfọṣọ ẹlẹgẹ́, kí ìyípo ìfúnmi rẹ̀ má sì ju 400 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá fẹ́ lọ̀ ọ́, ojú iṣẹ́ ni kó dojú kọ táwẹ́lì tó nípọn, kí áyọ́ọ̀nù wà ní ìwọ̀n tó rẹlẹ̀ jù, kí aṣọ funfun fẹ́lẹ́ sì wà láàárín méjèèjì. Ẹ máa gbé áyọ́ọ̀nù lé e, kí ẹ gbé e kúrò, ẹ má ṣe fà á lọ fà á bọ̀, nítorí orí áyọ́ọ̀nù lè kọ́ òwú pẹ̀lú.

Bí òwú bá wá fà yọ lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe gé e, ẹ má ṣe fà á, ẹ má sì tún aṣọ náà fọ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ rọra ti òwú náà sí ẹ̀yìn aṣọ kí ohun mìíràn má bàa kọ́ ọ, ẹ so òwú aláwọ̀ mìíràn pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ mọ́ ihò nẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí a lè tètè rí ibẹ̀, kí ẹ sì gbé e wá fún wa ní gbígbẹ.