Ìpàdé àwọn tó ń máàkì àròkọ

Ẹ̀yin olùmáàkì wa l'Óṣogbo, ẹ kú iṣẹ́ o. A ó pàdé ní aago 9 àárọ̀ Sátidé, ní gbọ̀ngàn tí a máa ń lò.

Nínú ìwé 20 tí gbogbo wa fi dánra wò, ìwé kan gba 14 lọ́wọ́ ẹnì kan, ó gba 8 lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni akẹ́kọ̀ọ́ náà ń tún ṣe. Ẹni kejì ń yọ máàkì ní gbogbo ìgbà tó bá yọjú. Ẹ̀ẹ̀kan la ń yọ ọ́!

A ó máàkì ìwé 10 mìíràn. Ẹ má kọ máàkì sára ìwé, kí ẹni tó kàn má baà tẹ̀lé yín. Ìwé kọ̀ọ̀kan la ó fi wé ara wọn, torí ẹni tó le níbì kan tó sì dẹ̀ níbòmíràn, àròpín rẹ̀ lè bá tiwa mu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Akọ̀wé